Èèpo omi ara áyọ́ọ̀nù: ìdí tí áyọ́ọ̀nù kékeré fi ń wọ́ omi púpọ̀ dání

Bí wọ́n bá rán iná mànàmáná gba inú omi tí iyọ̀ ti yọ́ sí, àwọn áyọ́ọ̀nù inú omi náà, ìyẹn àwọn átọ́ọ̀mù tàbí àkójọ átọ́ọ̀mù tó ní iná lára, ló ń gbé iná ọ̀hún kọjá. Li⁺, áyọ́ọ̀nù lítíọ́mù, kéré ju K⁺, áyọ́ọ̀nù pọtásíọ̀mù, lọ dáadáa. Láti àárín Li⁺ dé etí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 76 pikómítà, ti K⁺ sì jẹ́ nǹkan bí 138. Èèyàn á rò pé Li⁺ ni yóò máa sáré jù. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n nínú omi, K⁺ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ yá tó ìlọ́po méjì Li⁺. Omi tí Li⁺ ń wọ́ kiri ló fà á.

Mólékù omi kò ní iná lápapọ̀, ṣùgbọ́n iná tó wà nínú rẹ̀ kò pín dọ́gba. Ọ́ksíjìn ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sọ́dọ̀ ara rẹ̀, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ọ́ksíjìn ní ìwọ̀nba iná nẹ́gétíìfù, ẹ̀gbẹ́ háídírójìn méjèèjì sì ní pọ́sítíìfù. Bí áyọ́ọ̀nù pọ́sítíìfù bá wọ inú omi, ọ́ksíjìn ni àwọn mólékù tó yí i ká máa ń kọ sí i. Àwọn wọ̀nyí ni èèpo àkọ́kọ́.

Bí áyọ́ọ̀nù ṣe máa di omi mú tó dá lé iye iná tó gbé àti bí ọ́ksíjìn ṣe lè sún mọ́ àárín rẹ̀ tó. Nínú èèpo Li⁺, ọ́ksíjìn wà ní nǹkan bí 200 pikómítà sí àárín áyọ́ọ̀nù. Ti K⁺ wà ní nǹkan bí 280. Ìyàtọ̀ yẹn lè dà bíi pé kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí àlàfo bá di ìlọ́po méjì, agbára tó so mólékù omi kan mọ́ áyọ́ọ̀nù máa ń ṣẹ́kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Nípa bẹ́ẹ̀, Li⁺ ń di mólékù omi kan mú tó ìlọ́po méjì bí K⁺ ṣe ń ṣe é.

Ibi tó ti ń rú àwọn èèyàn lójú nìyí: bí a bá ka kìkì àwọn mólékù tó fara kan áyọ́ọ̀nù, K⁺ ló ní púpọ̀ jù. Àyè tó wà lára Li⁺ kò gbà ju nǹkan bíi mẹ́rin lọ, nígbà tí ti K⁺ lè tó mẹ́fà tàbí méje. Ṣùgbọ́n èèpo K⁺ kò dúró. Kò tó ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan tí mólékù kan á fi lọ, tí òmíràn á sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Nítorí náà K⁺ ń lọ láìgbé omi púpọ̀ dání. Mẹ́rin ti Li⁺ kì í tètè lọ ní tiwọn. Áyọ́ọ̀nù náà tún ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn débi pé háídírójìn wọn túbọ̀ di pọ́sítíìfù, àwọn náà á wá di àwọn omi tó wà lẹ́yìn wọn mú. Báyìí ni èèpo kejì ṣe ń wáyé. Gbogbo rẹ̀ ni Li⁺ ń gbé rìn, tó fi ń falẹ̀.

Ìdí rèé tí iye omi tí ìwé kan kọ fún áyọ́ọ̀nù kan fi lè yàtọ̀ sí ti ìwé mìíràn. Ìtànṣán ẹ́síréè ń ka àwọn tó wà nítòsí, ìyára áyọ́ọ̀nù sì ń ka àwọn tó ń bá a rìn. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè èyí tí wọ́n wọ̀n kí a tó fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà.

Láti mọ ohun tí iná nìkan ń ṣe, Mg²⁺, áyọ́ọ̀nù magnẹ́síọ̀mù, ló dára láti fi wé Li⁺, torí ìtóbi wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: 72 pikómítà sí 76. Nígbà tí Li⁺ bá wọ omi, agbára tó ń jáde jẹ́ nǹkan bí 520 kílójúùlù fún móòlù kan. Ti Mg²⁺ jẹ́ nǹkan bí 1,920. Iná di ìlọ́po méjì, agbára sì sún mọ́ ìlọ́po mẹ́rin. Mólékù mẹ́fà ló wà nínú èèpo àkọ́kọ́ Mg²⁺, nǹkan bíi méjìlá sì wà nínú èkejì.

Al³⁺, áyọ́ọ̀nù alumíníọ̀mù, tún kéré ju Mg²⁺ lọ, iná mẹ́ta ló sì gbé. Mólékù omi kan lè wà lára rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan, àkókò gígùn gidi láàárín àwọn mólékù. Ó ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù omi náà débi pé háídírójìn kan lè já kúrò lára rẹ̀ ní áyọ́ọ̀nù H⁺, tí omi tó wà nítòsí á sì gbà á. Omi náà á wá di ásíìdì. Ẹni tó bá ki bébà lítímọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù bọ omi tí alumíníọ̀mù kílóráìdì yọ́ sí yóò rí i pé ó pọ́n. Nínú omi pọtásíọ̀mù kílóráìdì, kò ní yí àwọ̀ padà.