Bí a ṣe ń tún apá ìṣòro kọ nínú ìwé ìbéèrè owó ìrànwọ́

Ká fi ẹgbẹ́ obìnrin kan tó ń ṣe gààrì lábúlé kan nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n ń wá owó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ síbi ìṣòro nìyí:

«Nàìjíríà ló ń pèsè ẹ̀gẹ́ jù lọ lágbàáyé. Síbẹ̀, àìsí ẹ̀rọ ìgbàlódé ń ṣàkóbá fún ọrọ̀ ajé àwọn obìnrin ìgbèríko. Nítorí náà, ẹgbẹ́ wa nílò ẹ̀rọ kan.»

Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń yẹ ìwé wò ti ka irú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Iye ẹ̀gẹ́ tí Nàìjíríà ń pèsè kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábúlé yẹn. Èyí tó tiẹ̀ burú jù ni pé «a ò ní ẹ̀rọ» ni wọ́n pè ní ìṣòro. Ohun tí wọ́n fẹ́ rà nìyẹn. Ìyà tí àìsí rẹ̀ fi ń jẹ èèyàn ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ìyà náà kò fara sin fún ẹni tó mọ iṣẹ́ gààrì. Bí wọ́n bá ti wú ẹ̀gẹ́, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ibẹ̀ ni àtúnkọ ti bẹ̀rẹ̀:

«Ìyá Ṣadé wú àpò ẹ̀gẹ́ mẹ́fà lọ́jọ́ Ajé. Abúlé kejì ni ẹ̀rọ tó sún mọ́ ọn jù wà, Ọjọ́bọ̀ ló sì tó kàn án. Nígbà yẹn, ẹ̀gẹ́ àpò méjì ti bà jẹ́, ó sì dà á nù. Nínú àwa obìnrin 34 tó wà lẹ́gbẹ́, àwa 21 la da ẹ̀gẹ́ nù bẹ́ẹ̀ lóṣù Kẹfà.»

Iye kò kúrò o. Èyí tí ẹgbẹ́ fúnra wọn kà ló rọ́pò ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìwé àjákọ kan tí akọ̀wé ń kọ ọ́ sí fún oṣù kan tó fún irú iye yìí, kí wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìbéèrè. Iye yẹn ló ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ Ìyá Ṣadé kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni yíyan ẹni tí wọ́n máa sọ ìtàn rẹ̀. Ẹni tó pàdánù jù ni wọ́n sábà máa ń mú, nítorí pé tirẹ̀ ló ń ṣeni láàánú jù. Bí ìwé àjákọ bá wá fi hàn pé àpò kan sí méjì ni ọ̀pọ̀ ń dà nù, ẹni tó da mẹ́wàá nù á mú kí gbogbo rẹ̀ dà bí àsọdùn. Ẹni tí tirẹ̀ jọ ti àwọn tó kù ni kí wọ́n mú.

Láti mọ̀ bóyá ó ti yé èèyàn, kí wọ́n kà á fún ẹnì kan tí kò sí lẹ́gbẹ́, kí wọ́n sì ní kó sọ ìṣòro náà padà. Bó bá ní «wọ́n ń wá owó ẹ̀rọ», iṣẹ́ ṣì kù. Bó bá ní «ẹ̀gẹ́ wọn ń bà jẹ́ kó tó kàn wọ́n», ó ti yé e.

Kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, kí wọ́n ka ìtàn náà sétí ẹni tó ni ín, kó sì gbà. Yíyí orúkọ padà nìkan kò tó lábúlé tí gbogbo èèyàn ti mọ oko ara wọn. Bó bá ní kí wọ́n yọ iye àpò òun kúrò, kí wọ́n yọ ọ́.