Oríkèé mẹ́ta-mẹ́ta: bí ọwọ́ ṣe ń ka 33 lẹ́yìn ìrun

Tí lèmọ́ọ̀mù bá ti sálámà tán, gbogbo wa la mọ ohun tó kàn, Asitagifirulááhì ẹ̀ẹ̀mẹta, ká tó bọ́ sí Sùbùhánálááhì 33, Alihamudulilááhì 33, Aláàhu Akubárù 33, ká wá fi Lá iláha ilalááhù ẹyọ kan parí ẹ̀ kó pé 100. Ìyẹn ò gba àlàyé rárá. Ọwọ́ gan-an ló gba àlàyé.

Ẹ wọ mọ́sáláásí ní Adó-Èkìtì lẹ́yìn ìrun asùbá kẹ́ ẹ wo ọwọ́ àwọn èèyàn. Ẹ ó rí ẹni tó ń ká ìka kọ̀ọ̀kan mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ìka kan fún ẹ̀ẹ̀kan, mẹ́wàá, mẹ́wàá, mẹ́wàá, tó wá kù mẹ́ta, nígbà tó bá fi máa dé Alihamudulilááhì ó ti sọnù, ó ń wojú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Òun náà láá wá máa sọ pé ìka mẹ́wàá ò lè ka 33, pé àfi tẹ̀sùbáà tàbí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dunni gan-an, torí pé kì í ṣe ìka là ń kà, oríkèé ìka ni.

Ìka kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí àtàǹpàkò, ní ìpín mẹ́ta. 33 sì rèé, mẹ́ta lọ́nà mọ́kànlá ni, kò sí àjẹkù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ọmọńdinrín, kẹ́ ẹ lo àtàǹpàkò láti máa fọwọ́ kàn án: ọmọńdinrín mẹ́ta, ìka òrùka mẹ́ta ó di mẹ́fà, ìka àárín ó di mẹ́sàn-án, ìka tá a fi ń júwe ó di 12. Ìyípo kan nìyẹn. Ìyípo kejì, 24. Ìyípo kẹta, ọmọńdinrín 27, ìka òrùka 30, ìka àárín 33. Ó tán. Ìka tá a fi ń júwe ò ní iṣẹ́ nínú ìyípo kẹta. Nítorí náà kò sẹ́ni tó nílò láti máa sọ "ẹẹ́rìnlélógún, àrúndínlọ́gbọ̀n" nínú ọkàn, ìyípo mẹ́ta, tí ẹ̀kẹta sì dúró síbi ìka àárín, ó parí. Ahọ́n ń sọ Sùbùhánálááhì, ọwọ́ ló ń bá a mú iye dání, ọ̀kan ò dí ìkejì lọ́wọ́.

Ká fi wé oko ebè iṣu. Ìka kọ̀ọ̀kan jẹ́ poro kan, ebè mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, àtàǹpàkò sì ni àgbẹ̀ tó ń rìn ín. Àgbẹ̀ ò ka ebè bó ṣe ń kọ ọ́, ó kàn mọ̀ pé òun ti dé poro kẹta. Tí òjò bá dé lójijì, ó lè fi ọkọ́ gún ebè tó dé kó sì sáré lọ sábẹ́ igi, tó bá padà ọkọ́ ń bẹ níbẹ̀, á mọ ibi tóun ti máa tẹ̀ síwájú. Bẹ́ẹ̀ náà lọwọ́ rí: tí ọmọ bá fà yín láṣọ tàbí tí ẹnì kan kí yín, ẹ fi àtàǹpàkò sílẹ̀ lórí oríkèé tó wà, ẹ dáhùn, kẹ́ ẹ tún máa bá a lọ.

Àmọ́ oko yìí ní ibi tó ti ń tannijẹ, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wá. Ọkọ́ lè sọ fún yín pé ebè yìí lẹ dé, kò lè sọ ìgbà mélòó lẹ ti rin oko náà. Ẹni tó bá wà lórí oríkèé àkọ́kọ́ ìka òrùka lè wà ní mẹ́rin, tàbí 16, tàbí 28. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dáàbò bo ara yín, ẹ máa ká ìka ọwọ́ òsì kan fún ìyípo kọ̀ọ̀kan tó bá parí. Tó bá ṣì rú yín lójú, ẹ mú èyí tó kéré, bí a ṣe ń ṣe tí iye ráká bá rú wa lójú.

Ibi kejì tí àṣìṣe ti ń wọlé ni àtàǹpàkò fúnra ẹ̀. Àwọn kan máa ń kà á mọ́ ọn, wọ́n ní ìka márùn-ún lọ́nà mẹ́ta, 15, ẹ̀ẹ̀mejì ó di 30, kó wá ku ọmọńdinrín kan. Ìṣirò yẹn dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò ní ìpín méjì péré, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń sọ di ẹ̀kẹta, kò sì lè fọwọ́ kan ara ẹ̀, ìka míì ló gbọ́dọ̀ bá a ṣe é. Ẹni tó bá kà á ní méjì lónìí tó kà á ní mẹ́ta lọ́la, ọjọ́ tó bá kà á ní méjì, 31 láá parí sí láìmọ̀. Ọ̀nà tó fi àtàǹpàkò sílẹ̀ ló dáa jù.

Ẹ tún wò ó. Tí Aláàhu Akubárù bá pé 33 síbi ìka àárín, Lá iláha ilalááhù tó parí 100 bọ́ sórí oríkèé àkọ́kọ́ ìka tá a fi ń júwe, ìka kan náà tá a fi ń jẹ́rìí nínú tàhíyà. Hadíìsì míì tún wà tó sọ pé Aláàhu Akubárù jẹ́ 34, ìyẹn náà parí sórí oríkèé kan náà. Àwọn tó ń bínú síra wọn lórí 33 àti 34 yìí, ibì kan náà ni ọwọ́ wọn ń dé.

Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun ni ìka yìí o. Nínú hadíìsì tí Abu Dáúdà àti Tirimísí gbà wá, Yusáírà, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ṣe hijira, ròyìn pé Ànábì ní kí wọ́n máa fi ìka kà á, torí a máa bi àwọn ìka náà léèrè, a sì máa mú wọn sọ̀rọ̀. Abudulááhì ọmọ Amuru náà sọ pé òun rí Ànábì tó ń "di" tẹ̀sùbíhù, ìyẹn bí ẹni tó ń di kókó. Wọn ò ṣèèṣì lo "di" yẹn. Àwọn Lárúbáwá ayé àtijọ́ ní ìṣirò ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní dídì kókó, tí ọwọ́ ọ̀tún kan ṣoṣo fi lè mú 1 títí dé 99 dání. Ọmọńdinrín, ìka òrùka àti ìka àárín ló ń mú ẹyọ, àtàǹpàkò àti ìka tá a fi ń júwe sì ń mú ẹ̀wá. Mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ká ìka mẹ́ta yẹn sínú àtẹ́lẹwọ́. 30 ni kí orí àtàǹpàkò àti orí ìka tá a fi ń júwe pàdé bí ẹni tó mú abẹ́rẹ́.

Ohun tí ọkọ́ ò lè sọ, kókó yìí ń sọ ọ́: ó ń gbé gbogbo iye, kì í ṣe ibi tá a dé nìkan. Ṣùgbọ́n ó gba kí ọwọ́ yí padà ní gbogbo ìgbà tá a bá sọ ẹyọ kan, ó sì gba kíkọ́ dáadáa, torí náà oríkèé rọrùn jù ú lọ fún ẹni tó fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn asùbá.

Kókó yẹn ò sì tíì kúrò nínú ìrun. Ọmọ Úmárù sọ nínú hadíìsì tí Musílíìmù gbà wá pé Ànábì di 53 tó bá jókòó ṣe tàhíyà, ó sì fi ìka júwe. Ìka mẹ́ta á ká sínú àtẹ́lẹwọ́, mẹ́ta nìyẹn, àtàǹpàkò á wà lábẹ́ ìka tá a fi ń júwe, 50 nìyẹn. Ẹni tó bá jókòó bẹ́ẹ̀, tó sálámà tán, tó wá jẹ́ kí orí àtàǹpàkò àti orí ìka yẹn pàdé, 33 ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn.