Kòkó Wọ́n Sí I, Kọ́ọ̀lù Já Wálẹ̀

Ẹni tó bá ń ta kòkó ní Iléṣà mọ̀ pé iye tí oníṣòwò ń dá lé tọ́ọ̀nù kan, ọjà Niu Yọ́ọ̀kì àti ti Lọ́ńdọ̀nù ló ń tì í sókè sódò. Ní àwọn ọjà yẹn, ènìyàn lè ra ẹ̀tọ́ láti ra kòkó lọ́jọ́ iwájú, ní iye tí wọ́n ti dá lé e láti òní. Ẹ̀tọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀lù. Bí kòkó bá wọ́n kọjá iye àdéhùn, tí ìyàtọ̀ náà sì ju owó tó fi ra ẹ̀tọ́ náà lọ, ẹni tó ni ín jèrè. Bí kò bá wọ́n kọjá iye àdéhùn rárá títí ọjọ́ ìparí fi kọjá, owó tó fi ra ẹ̀tọ́ náà ló bá a lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lẹ́nu ni pé kòkó lè wọ́n sí i, kí kọ́ọ̀lù wọn sì já wálẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní tọ́ọ̀nù kòkó kan jẹ́ 5,000 dọ́là, iye àdéhùn náà jẹ́ 5,000, ó sì ku 90 ọjọ́. Ká ní ìlọsókè-sódò tí ọjà ń retí, èyí tí ẹ ó rí lójú ẹ̀rọ bíi `IV`, jẹ́ 60% lọ́dún. Bí a bá yọ èlé owó kúrò nínú ìṣirò, kọ́ọ̀lù yẹn á tó 592 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan.

Ká wá ní kòkó dúró sí 5,000 gbọnin-gbọnin. Nígbà tó bá ku 60 ọjọ́, kọ́ọ̀lù ti di 484. Nígbà tó bá ku 30 ọjọ́, ó di 343. Ẹ wò ó dáadáa: oṣù àkọ́kọ́ jẹ 108 dọ́là, oṣù kejì jẹ 141, oṣù ìkẹyìn á sì jẹ gbogbo 343 tó ṣẹ́kù. Iye rẹ̀ ń tẹ̀ lé gbòǹgbò onílọ̀ọ́po-méjì iye ọjọ́ tó kù, kì í ṣe iye ọjọ́ náà gan-an. Ìdí nìyí tí kọ́ọ̀lù ọlọ́jọ́ 120 fi ń jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọlọ́jọ́ 30, tí kì í ṣe ìlọ́po mẹ́rin. Nígbà tó bá ku 30 ọjọ́, `Theta` á fi hàn yín pé ọjọ́ kan ń mú bíi 6 dọ́là lọ.

Ìlọsókè-sódò ńkọ́? Ẹni tó ní kọ́ọ̀lù kò bẹ̀rù kí kòkó já wálẹ̀ gan-an, nítorí àdánù rẹ̀ ní ibi tó mọ. Èrè rẹ̀ ní tirẹ̀ kò ní òdiwọ̀n. Nítorí náà, bí ọjà bá ṣe ń retí kí iye máa fò tó, bẹ́ẹ̀ ni kọ́ọ̀lù ń wọ́n tó. Nínú àpẹẹrẹ wa, nígbà tó ku 30 ọjọ́, `Vega` náà jẹ́ bíi 6 dọ́là: bí `IV` bá fi ìdá kan lọ sílẹ̀, láti 60 sí 59, bí ìgbà tí ọjọ́ kan kọjá ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fara gbọgbẹ́ wà níhìn-ín. Ní oṣù kìíní, ìkẹrin, ìkeje àti ìkẹwàá, wọ́n máa ń kéde iye kòkó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ní Yúróòpù lọ̀. Bí ìkéde bá ti ń sún mọ́lé, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó máa já sí, `IV` sì lè ga. Ká ní ẹnì kan ra kọ́ọ̀lù wa ní 343 lọ́jọ́ tó ṣáájú ìkéde. Ìròyìn dé, ó dára, kòkó gòkè sí 5,100. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń dúró dè ti tán, `IV` já láti 60 sí 45.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Ọgọ́rùn-ún dọ́là tí kòkó fi gòkè fi bíi 56 kún kọ́ọ̀lù, kò fi 100, nítorí kò dájú pé yóò ṣì wà lókè lọ́jọ́ ìparí. Ọjọ́ kan tó kọjá mú 6 lọ. Jíjá `IV` mú bíi 84. Ó ku 309. Ẹ̀tọ́ kan ní Niu Yọ́ọ̀kì jẹ́ ti tọ́ọ̀nù 10, nítorí náà ẹni náà pàdánù bíi 340 dọ́là lọ́jọ́ tó sọ àsọtẹ́lẹ̀ tó tọ̀nà.

Kí ẹ tó rà, ẹ fi `IV` òní wé ti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Bó bá ga ju bó ṣe máa ń wà lọ, tí ìkéde sì kù sí dẹ̀dẹ̀, owó ìpayà lẹ fẹ́ san yẹn. Àwọn kan máa ń ra kọ́ọ̀lù tí iye àdéhùn rẹ̀ kéré gan-an sí iye ọjà, bíi 4,000 nígbà tí kòkó bá wà ní 5,000. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n 1,000 dọ́là nínú owó rẹ̀ jẹ́ èrè tó ti wà nílẹ̀, tí ọjọ́ àti `IV` kò lè fọwọ́ kàn; kìkì bí kòkó fúnra rẹ̀ bá já ni yóò dín kù.