VPN ti so pọ̀, síbẹ̀ ojú-ìwé ò ṣí: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí họ́tísípọ́ọ̀tì fóònù

Tí VPN bá wà lórí fóònù, kì í sábà dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì lára họ́tísípọ́ọ̀tì rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ̀gbẹ́ VPN náà ni dátà kọ̀ǹpútà ń gbà kọjá. Orí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló yẹ kí VPN wà. Ibẹ̀ sì ni ìṣòro kan ti sábà ń yọjú: VPN á ní òun ti so pọ̀, ọ̀rọ̀ kéékèèké á máa wọlé, ṣùgbọ́n ojú-ìwé ńlá á kàn dúró, kò ní ṣí.

Ìwọ̀n ló máa ń fà á. Ìdì-ìdì ni dátà ń rìn, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní ìdì tó tóbi jù tó lè gbé, èyí tí wọ́n ń pè ní MTU. Lórí Wi-Fi, 1500 báìtì ni. Ti nẹ́tíwọọ̀kì fóònù lè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. VPN tún máa ń fi èèpo tirẹ̀ bo ìdì kọ̀ọ̀kan. Èèpo WireGuard, irú VPN kan, jẹ́ 60 báìtì lórí IPv4, 80 lórí IPv6. Ìdì 1420, tí WireGuard sábà ń lò, á di 1480 lórí IPv4. Bí ọ̀nà kò bá gbà á, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́ tàbí kí wọ́n jù ú nù, àwọn wẹ́wẹ́ náà sì lè sọnù. Ìkíni tí WireGuard fi ń bẹ̀rẹ̀ kò ju 148 báìtì lọ, ìdí nìyẹn tí ó fi ń so pọ̀ láìsí wàhálà.

Kí ló dé tí gbogbo rẹ̀ ń lọ geere tí a bá pa VPN? Nẹ́tíwọọ̀kì lè rí ìbẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀ TCP, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ojú-ìwé ń gbà wọlé, kí ó sì dín ìwọ̀n tí ìhà méjèèjì máa lò kù. VPN ti sọ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn di àdìtú, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án mọ́.

Láti wọn ọ̀nà náà, ẹ pa VPN, kí ẹ tẹ èyí lórí Linux:

```
ping -M do -s 1472 1.1.1.1
```

Lórí Windows:

```
ping -f -l 1472 1.1.1.1
```

Ẹ máa dín 1472 kù títí èsì á fi wọlé. Ká ní 1402 ni ó tóbi jù tó dáhùn: ẹ fi 28 kún un fún orí ìdì, ó di 1430. Ẹ yọ 80, tó máa gba IPv4 àti IPv6, ó ku 1350. Ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì WireGuard tó wà lórí kọ̀ǹpútà, lábẹ́ `[Interface]`:

```
MTU = 1350
```

Ẹ tan VPN padà, kí ẹ wá ṣí ojú-ìwé tó kọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ má lọ sísàlẹ̀ 1280, nítorí IPv6 kò gba MTU tó kéré jù bẹ́ẹ̀. Bí ojú-ìwé bá ṣì dúró lórí 1280, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ìwọ̀n mọ́. Bí WireGuard kò bá sì rí èsì ìkíni rárá, ó ṣeé ṣe kí nẹ́tíwọọ̀kì náà máa dí UDP, ọ̀nà tí WireGuard ń gbà. VPN tó ń gba orí TCP ni kí ẹ dán wò.