Ohun tí TdrDelay ń ṣe nígbà tí géèmù bá ní káàdì ti kúrò

Géèmù ń lọ geerege, àfi bí àwòrán ṣe dúró lójijì. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn díẹ̀, ó tún mọ́lẹ̀ padà, ṣùgbọ́n géèmù ti kú. Ohun tó fi sílẹ̀ ni `DXGI_ERROR_DEVICE_REMOVED`, tàbí ọ̀rọ̀ kan nípa `driver timeout`. Ẹni tó bá rí i á fẹ́ tú kọ̀ǹpútà wò bóyá káàdì gíráfíìsì ti yọ ní àyè rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, káàdì kò yẹsẹ̀ rárá. Windows ló pa á, tó sì tún un tan.

Láti ìgbà Windows Vista ni ètò kan tó ń jẹ́ TDR ti ń ṣọ́ káàdì. Bí iṣẹ́ kan bá pẹ́ jù lórí káàdì, Windows á ní kí káàdì gbé e sílẹ̀ ná, kí iṣẹ́ mìíràn lè rí àyè. Bí ìṣẹ́jú àáyá 2 bá kọjá tí káàdì kò parí iṣẹ́ yẹn, tí kò sì gbé e sílẹ̀, Windows á gbà pé ó ti há, á sì ní kí díráífà tún un bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí géèmù kó sínú káàdì ti lọ nìyẹn. Géèmù ì bá tún wọn kó láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kàn kọ àṣìṣe náà síta, wọ́n á sì pa ara wọn dé. Àǹfààní TDR ni pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò kú. Ká ní kò sí i ni, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ni ì bá dúró gbagidi títí o fi máa tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀.

Ìṣẹ́jú àáyá 2 lè dà bí ohun tó kéré, àmọ́ kò kéré fún géèmù. Géèmù tó ń yọ àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ì bá ti yọ 120 láàárín àkókò yẹn. Iṣẹ́ ẹyọ kan tó bá gba gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́ kí Windows tó dá sí i.

Ibí yìí ni ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ti ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Wọ́n á ní kó o sọ `TdrDelay`, ìyẹn nọ́ńbà tó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 2 yẹn, di 10, tàbí 60, pé wàhálà á tán. Iye àkókò tí Windows máa fi ní sùúrù nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń yí padà. Kò mú káàdì tutù, kò tún díráífà ṣe, kò sì fún káàdì ní iná tó péye. Ṣùgbọ́n ó wúlò gan-an láti fi dán nǹkan wò. Ṣí ojú ìkọ àṣẹ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kó o sì tẹ èyí:

```
reg add "HKLM\System\CurrentControlSet\Control\GraphicsDrivers" /v TdrDelay /t REG_DWORD /d 10 /f
```

Pa kọ̀ǹpútà kó o tún un tan, torí kò ní ṣiṣẹ́ bí o kò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Padà sí ibi tí géèmù ti máa ń kú, kó o sì máa wo aago. Bí àwòrán bá dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá 3 tàbí 4, tí géèmù sì tún ń bá a lọ, káàdì ń ṣiṣẹ́ ni. Iṣẹ́ náà ló pọ̀ jù fún un. Irú èyí wọ́pọ̀ fún àwọn tó ń fi káàdì ṣe ìṣirò ńlá tàbí tí wọ́n ń yọ àwòrán fíìmù, àwọn gan-an ni àfikún àkókò yìí ń ràn lọ́wọ́. Nínú géèmù, ó ṣọ̀wọ́n.

Bí ó bá dúró fún gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 10, tí àṣìṣe kan náà wá jáde, káàdì ti há nìyẹn, kò sì sí nọ́ńbà tó máa tó o. Ohun tí mo máa kọ́kọ́ fura sí ni eré àsápajúdé, ìyẹn `overclock` tó ń mú káàdì sáré ju ìwọ̀n tí wọ́n ṣe é fún, àní èyí tí ilé iṣẹ́ fi sí káàdì láti ibẹ̀rẹ̀. Dín eré káàdì kù ní 50 MHz, kó o dá fólítéèjì tó o bá ti dín kù padà sí bó ṣe wà, kó o sì dán ibi kan náà wò. Bí kò bá há mọ́, o ti rí ìdí rẹ̀. Bí ó bá ṣì ń há, yẹ wáyà iná káàdì wò, kó o sì gbìyànjú díráífà mìíràn. Bí géèmù kan ṣoṣo bá ń ṣe é, tí àwọn tó ní káàdì mìíràn náà sì ń bá a pàdé ní ojú ibi kan náà, ọ̀rọ̀ géèmù fúnra rẹ̀ ni.

Kóòdù tó tẹ̀ lé àṣìṣe náà tún máa ń sọ̀rọ̀. `0x887A0005` kàn ń sọ pé káàdì ti bọ́ lọ́wọ́ géèmù ni. Díráífà tí wọ́n ṣe àtúnṣe sí nígbà tí géèmù ń lọ lè fà á. `0x887A0006` ló ń sọ pé káàdì há lórí iṣẹ́ tí géèmù gbé fún un. Nínú `Event Viewer`, lábẹ́ `System`, nọ́ńbà 4101 láti ọ̀dọ̀ `Display` túmọ̀ sí pé TDR ló tún díráífà bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan máa ń lọ síwájú, wọ́n á fi `TdrLevel` sí 0 kí Windows má baà ṣọ́ káàdì mọ́. Jọ̀wọ́ má ṣe é. Káàdì tó há á ṣì há, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé iṣẹ́ tó o kò tíì tọ́jú nínú àwọn ètò yòókù á bá a lọ. Bí ìdánwò rẹ bá sì ti fi hàn pé káàdì há ni, yọ àkókò tó o fi kún un náà kúrò, kí Windows lè tètè máa dá kọ̀ǹpútà padà fún ẹ:

```
reg delete "HKLM\System\CurrentControlSet\Control\GraphicsDrivers" /v TdrDelay /f
```