Ṣé o rí i ni, àbí wọ́n sọ fún ọ?

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo ń ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù májísíréètì kan ní Àkúrẹ́ ni ìyá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ọjà Ọba wá jẹ́rìí nípa ọkàdà tí wọ́n jí. Ó ní, “Wọ́n ní ọmọkùnrin yìí ló gbé e lọ lóru.” Èmi náà gbà á mọ́ ọn lẹ́nu, mo sọ fún adájọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ọmọkùnrin náà ló gbé ọkàdà lọ lóru. Mo ti sọ “wọ́n ní” nù sójú ọ̀nà. Lójú mi nígbà náà, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ gbọ́ Yorùbá. Ó fò dìde. Abala 126 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 sọ pé bó bá jẹ́ ohun tí a lè fojú rí ni, ẹni tó rí i ni kó wá sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ohun tí a lè gbọ́, ẹni tó gbọ́ ọ. Mo ti sọ ìyá tó gbọ́ àhesọ di ẹni tọ́rọ̀ ṣojú ẹ̀.

Àwọn èdè kan wà tí irú àṣìṣe yìí ì bá ṣòro níbẹ̀, torí gírámà wọn kò jẹ́ kí èèyàn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìsọ bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan ni Tàríánà, tí àwọn èèyàn díẹ̀ ń sọ lágbègbè odò Faupẹ́ẹ̀sì ní Bùràsíìlì. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé Josẹ́ gbá bóọ̀lù láìpẹ́ yìí, wọ́n á ní “Juse irida di-manika”, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà kò tíì parí. Ó di dandan kí wọ́n fi ìrù kan sí i. Bí wọ́n bá rí i, “di-manika-ka” ni. Bó jẹ́ ariwo rẹ̀ ni wọ́n gbọ́, “di-manika-mahka”. Bó jẹ́ àmì tó ṣẹ́kù nílẹ̀ ni wọ́n rí, bóyá bàtà bóọ̀lù rẹ̀ kò sí níbi tó máa ń wà, “di-manika-nihka”. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn mọ ìṣe rẹ̀ ni, pé kì í pa ọjọ́ Àìkú jẹ, “di-manika-sika”. Bó jẹ́ pé wọ́n sọ fún wọn ni, “di-manika-pidaka”. Ẹni tó lo ìkẹyìn yìí kò sọ pé òun ò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ o. Ibi tó ti gbọ́ ọ ló ń sọ.

“Wọ́n ní” tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. A lè yọ ọ́ kí gbólóhùn ṣì dúró ṣinṣin. Ohun tó kó mi sí wàhálà nìyẹn. Ẹ tún wò ó báyìí: bí mo bá ní “Wọ́n ní Olú ti kó lọ sí Oǹdó,” ẹ lè dá mi lóhùn pé “Irọ́ ni, ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀.” Ẹ ti fi irọ́ náà lu “wọ́n ní” fúnra rẹ̀. Àmì tó wà nínú gírámà kì í sábà ṣeé bá jiyàn bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní “irọ́ ni”, bóọ̀lù tí Josẹ́ gbá ló ń sẹ́, kì í ṣe ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà dé etí ẹni tó sọ ọ́.

Síbẹ̀, àwa náà ní ibi tí gírámà wa ti ń ṣe ohun tó fara jọ ọ́, àwọn ọ̀dọ́ ògbufọ̀ kì í sì í kíyè sí i. “Mo gbọ́ tí ó ń kígbe” yàtọ̀ sí “Mo gbọ́ pé ó kígbe.” Ti àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ ló wọ etí mi. Ti ìkejì, ìròyìn ni, mo sì lè wà ní Èkó nígbà tó kígbe. Bẹ́ẹ̀ náà ni “mo rí i tí ó ń jáde” àti “mo rí i pé ó ti jáde”: ọ̀kan ṣojú mi, èkejì lè jẹ́ pé ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ni mo rí. “Tí” àti “pé” ló ṣe ìyàtọ̀ náà. Ẹni tó bá ń fi ìkánjú túmọ̀ á mú “gbọ́” àti “rí” nìkan, á sì fi èyí tó ṣe pàtàkì sílẹ̀.

Adájọ́ ní kí n tún ìbéèrè náà bi ìyá oníọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mi ò gbọ́ èdè. “Mo gbọ́ tí wọ́n sítáàtì ọkàdà náà lóru. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo rí i pé wọ́n ti gé ṣéènì rẹ̀. Pé ọmọ yìí ni, wọ́n ní ni.”

Ká ní èdè Tàríánà ló ń sọ, ì bá lo “mahka” fún ti àkọ́kọ́, “nihka” fún ti ṣéènì, “pidaka” fún ti ọmọ náà. Adájọ́ kọ méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀. Kò kọ ẹ̀kẹta.