Iléeṣẹ́ omi lè pàdánù láìsí olè níbẹ̀

Ní Ìlọrin, bí iléeṣẹ́ omi bá fẹ́ fi kún owó, ohun tí wàá kọ́kọ́ gbọ́ ni pé: "Ṣebí Ọlọ́run ló ń rọ òjò sódò Asà? Kí ni wọ́n ń ná ju álọ́ọ̀mù, kùlórínì àti iná mànàmáná lọ?" Wọ́n á ní kí ìjọba pàṣẹ pé iye yẹn nìkan ni kí wọ́n máa gbà. Bí iléeṣẹ́ bá wá ní àwọn ń pàdánù, a jẹ́ pé wọ́n ń kówó jẹ nìyẹn.

Ìkówójẹ kì í ṣe nǹkan tuntun lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ àdánù tí mò ń sọ yìí á wà bí gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá tiẹ̀ jẹ́ olóòótọ́.

Ibi tí owó ń lọ jù nídìí omi ẹ̀rọ ni ìsédò, ilé ìfọmi, àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi, àti páìpù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ káàkiri ìlú. Yálà èèyàn mu omi o, yálà kò mu ún, owó ìwọ̀nyí ti di gbèsè. Bí wọ́n bá sì ti rì páìpù tán, owó tí tánkì omi kan sí i máa ná wọn kéré gan-an. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé iléeṣẹ́ kan ló máa ń dá ṣe é. Bí èkejì bá tún gbẹ́ ilẹ̀ láti Asà dé Ọjà Ọba, ìlú kan náà ni yóò san owó páìpù méjì. Níwọ̀n bí kò sì ti sí ẹni tí yóò bá a du oníbàárà, ìjọba ló gbọ́dọ̀ bá a dá iye lé e.

Ẹ jẹ́ ká fi ìlú kan ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo yan iye owó rẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn. Ilé 5,000 ló ń lo omi ẹ̀rọ níbẹ̀. Owó ìsédò, páìpù àti ẹ̀rọ, tí mo pè ní owó ìdúró, jẹ́ ₦5,000,000 lóṣù. Tánkì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn lítà 1,000, ń ná wọn ní ₦100 fún álọ́ọ̀mù àti iná. Bí iléeṣẹ́ náà bá ń tà á bó ṣe wù ú, ₦400 ni yóò tà á, tánkì 30,000 ni wọ́n á rà, èrè rẹ̀ á sì jẹ́ ₦4,000,000. Ìrẹ́jẹ gidi nìyẹn, ó sì yẹ kí ìjọba dá sí i.

Ká ní ìjọba wá pàṣẹ ₦100. Àwọn èèyàn á ra tánkì 60,000, ₦6,000,000 á wọlé, gbogbo rẹ̀ á sì lọ sórí álọ́ọ̀mù àti iná. ₦5,000,000 ti ìsédò àti páìpù kò ní ẹni tí yóò san án. Àdánù náà kò lé, kò dín: iye owó ìdúró yẹn gan-an ni. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì dí i, àtúnṣe páìpù ni wọ́n á kọ́kọ́ pa tì, omi á dá, àwọn ará ìlú á sì máa ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà ní iye tó ju ₦100 lọ fíìfíì.

Lọ́dún 1938, Harold Hotelling, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, dábàá pé kí iye irú nǹkan báyìí má ju owó tí ẹyọ kan sí i ń náni lọ, kí ìjọba fi owó orí dí àdánù. Ó bọ́gbọ́n mu, nítorí ilé tó fẹ́ san ₦150 fún tánkì kan sí i yóò rí i rà. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé ọ̀nà kejì, tí wọ́n á pín gbogbo owó sórí tánkì kọ̀ọ̀kan. Ní ₦200, tánkì 50,000 ni wọ́n á rà, owó ìdúró á sì pé pérépéré, láìsí èrè, láìsí àdánù. Ohun tí ìlú pàdánù ni tánkì 10,000 tí wọn kò rà mọ́. Tí a bá gba pé iye tí àwọn èèyàn fẹ́ san lórí wọn ń lọ díẹ̀díẹ̀ láti ₦200 sí ₦100, ₦50 lórí tánkì kọ̀ọ̀kan ni àǹfààní tó sọ nù, àpapọ̀ rẹ̀ á sì jẹ́ ₦500,000.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí. Láti gba àǹfààní ₦500,000 yẹn padà, ìjọba ní láti kó ₦5,000,000 jọ nínú owó orí lóṣooṣù. Bí ìpalára tí owó orí ń ṣe fún òwò bá ti ju kọ́bọ̀ mẹ́wàá lọ lórí náírà kan, àǹfààní náà ti tán. Àgbẹ̀ Pàtígì tí kò rí páìpù rí á sì wà lára àwọn tó ń san owó omi ará Ìlọrin.

₦200 náà ní àléébù tirẹ̀. Nígbà tí gbogbo ìnáwó bá ti ń padà wọlé, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ owó ná mọ́. Ẹ máa wo bí owó álọ́ọ̀mù àti iná bá ń gòkè nígbà tí omi tó ń jáde nílé ìfọmi kò pọ̀ sí i. Ìjọba gbọ́dọ̀ lágbára láti yẹ ìwé náà wò, kó sì kọ ìnáwó tí kò nídìí.

Ọ̀nà kẹta ni Ronald Coase, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jà fún lọ́dún 1946: nínú àpẹẹrẹ wa, kí ilé kọ̀ọ̀kan san ₦1,000 lóṣù fún páìpù, kí tánkì wá jẹ́ ₦100. Ilé tó ń lo tánkì mẹ́wàá ní ₦2,000 tẹ́lẹ̀ yóò lo méjìlá ní ₦2,200, owó ìsédò á sì pé láìfi kan owó orí. Òun ni mo fara mọ́ jù. Àmọ́ opó tó ń lo tánkì mẹ́ta, tí ì bá san ₦600, yóò wá san ₦1,300, ó sì lè ní kí wọ́n gé páìpù òun. Nítorí náà, kí owó oṣù náà kéré fún àwọn tí omi wọn kò pọ̀, kí àwọn ilé ńláńlá àti òtẹ́ẹ̀lì gbé ìyókù. Èyí kò sì ṣeé ṣe níbi tí kò bá sí mítà lẹ́nu páìpù, nítorí wọn kò ní mọ ẹni tó lo mẹ́ta yàtọ̀ sí ẹni tó lo ọgbọ̀n.